Iye ọjà tó pẹ́ dé: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ayétòrò àti bí o ṣe máa kọ ọ́ sí Alhaja

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tí ọ̀gá wa, Alhaja, ní l'Óṣogbo: Ọjà-Ọba, Ògo-Olúwa àti Ayétòrò. Iye ọjà àná yẹ kó pé sórí fóònù wọn ní aago méje àárọ̀, ṣùgbọ́n ti Ayétòrò ò pé, síǹkì tó ń gbé ọjà láti kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ̀ láti lọ. Aago mọ́kànlá, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin tó ń gbowó tún ọjọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà ṣe tí mo sì tún un tẹ̀, ló tó lọ. Síbẹ̀, iye àná ò yí padà. Alhaja ní kí n kọ ímeèlì kí n ṣàlàyé. Mo ti kọ ọ́ pé "nẹ́tíwọ̀kì ló fà á, ẹ má bínú." Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà àti ti rìsíìtì rèé.*

Àbúrò, má tíì fi ímeèlì yẹn ránṣẹ́. Mo fara balẹ̀ wo àwòrán tí o fi ránṣẹ́, nẹ́tíwọ̀kì kọ́ ló ṣe èyí. Bí o bá pe nẹ́tíwọ̀kì, Alhaja á ní kí ẹ ra dátà mìíràn, owó á jáde, ọjọ́ tí iná bá sì tún lọ ní Ayétòrò, ohun kan náà á tún ṣẹlẹ̀.

Nǹkan méjì ni kí o wò nínú àwòrán tí o yà láàárọ̀ òní kí wọ́n tó tún ọjọ́ ṣe. Àkọ́kọ́ ni ohun tí sọ́fúwià yín kọ sábẹ́ `Sync failed`:

```
SSL certificate problem: certificate is not yet valid
```

Èkejì wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí Windows máa ń kọ aago àti ọjọ́ sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni `1/1/2019`. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2025 la wà lónìí. Kọ̀ǹpútà Ayétòrò rò pé ọdún 2019 lòun ṣì wà, ibẹ̀ ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ fi iye ọjà ránṣẹ́, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ gbà á, á kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn án. Ọjọ́ méjì wà lára ìwé ẹ̀rí yìí: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ọjọ́ tó máa parí. Kọ̀ǹpútà á wá fi aago tirẹ̀ wo ọjọ́ méjèèjì, nítorí pé kò ní aago mìíràn tó lè fi wò ó. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2025, lójú ẹ̀rọ tó wà ní 2019, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí gbólóhùn òkè yẹn ń sọ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kọ̀, kò fi ohunkóhun ránṣẹ́, ó sì ṣe dáadáa bó ṣe kọ̀ ọ́, torí ìyẹn ni kì í jẹ́ kí iye ọjà yín bọ́ sọ́wọ́ sáfà ẹni ẹlẹ́ni. Nẹ́tíwọ̀kì lè dára bó ti wù kó rí, kò ní lọ.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí àìsàn nẹ́tíwọ̀kì nígbà mìíràn, ṣí ìkànnì kan lórí kọ̀ǹpútà náà, kí o sì ṣí i lórí fóònù tó wà lórí Wáifáì kan náà. Bí fóònù bá ṣí tí kọ̀ǹpútà sì ń kọ `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID`, má tún yọ wáyà kankan, igun ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ló kú lóòótọ́, àwọn méjèèjì ò ní ṣí.

Kí ló wá dé tí aago fi padà sẹ́yìn? Lára bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bátìrì kékeré kan wà, ó rí róbótó pẹlẹbẹ, nọ́ńbà CR2032 ló wà lójú rẹ̀, fólìtì 3 sì ni agbára rẹ̀. Òun ló ń mú aago rìn nígbà tí kò bá sí iná rárá. Bó bá ti kú, iná ara ògiri nìkan ló kù tó ń di aago mú. Ìnfátà yín ló ń bo àṣírí bátìrì yìí látọjọ́ yìí. O sọ lábẹ́ àwòrán kejì pé ìnfátà náà kú lánàá ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán nígbà tí iná lọ, pé ẹ tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà ò rí iná kankan, aago rẹ̀ sì padà sí ọjọ́ tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Nígbà tí ẹ pa gbogbo nǹkan lálẹ́, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi tún jẹ́ `1/1/2019` ló wà níbẹ̀ láàárọ̀.

O lè ní ṣebí Windows máa ń gba aago láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Lórí kọ̀ǹpútà tó dá dúró bíi tiyín, bí wọn ò bá yí ètò rẹ̀ padà, bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín aago rẹ̀ àti aago òde bá ju wákàtí 15 lọ, kò ní fọwọ́ kàn án. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ẹgbẹ́ wákàtí 15. Ẹnì kan ní láti fọwọ́ tún un ṣe kó tó sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa, lẹ́yìn náà ni kí o ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí o sì tẹ:

```
w32tm /resync
```

Ohun tí ọmọbìnrin tó ń gbowó yẹn ṣe gan-an ló jẹ́ kí síǹkì lọ ní aago mọ́kànlá. Kì í ṣe pé o tẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà.

Ìṣòro kejì ló le jù, òun sì ni kò jẹ́ kí iye àná yí padà lẹ́yìn tí síǹkì lọ. Gbogbo ọjà tí ẹ tà ní Ayétòrò lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán àná, kọ̀ǹpútà kọ `1/1/2019` sí wọn lára. Nígbà tí wọ́n dé sáfà, sáfà tò wọ́n sábẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé wá. Wọn ò sọnù, ọdún 2019 ni wọ́n wà. Ṣí ìròyìn ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2019 fún ẹ̀ka Ayétòrò, wàá bá wọn níbẹ̀. Iye tó wà níbẹ̀ nínú àwòrán rẹ ìkẹyìn ni rìsíìtì 103, ₦389,850.

Má wulẹ̀ ní kí wọ́n kó gbogbo 103 yẹn sí àná o. Ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ òní kí wọ́n tó tún ọjọ́ ṣe, àwọn tí ẹ tà láàárín ìgbà yẹn náà gba `1/1/2019`. Àná àti òní ti dà pọ̀ mọ́ra sábẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Aago ò lè yà wọ́n fún ọ mọ́, torí aago ló parọ́. Nọ́ńbà rìsíìtì ló kù, nítorí kò bá aago ṣe pọ̀: ọ̀kan lé lórí èkejì ló ń lọ, iná ìbáà wà, kó má wà. Nínú àwòrán rìsíìtì tí o fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ṣí ọjà àná ni 4351, èyí tó kẹ́yìn kí iná tó lọ ni 4411, èyí tí wọ́n fi pa ọjà lálẹ́ sì ni 4495. Rìsíìtì 61 ló ti lọ sáfà kí iná tó lọ, owó wọn jẹ́ ₦198,400. Láti 4412 dé 4495 jẹ́ 84, àwọn yẹn ni ti àná tó ṣì lọ sí 2019. Láti 4496 sókè, ti òní ni, wọ́n jẹ́ 19.

Bí wọ́n bá fún ọ láyè láti bi sáfà ní ìbéèrè, bi í báyìí:

```sql
SELECT COUNT(*), SUM(total)
FROM sales
WHERE branch = 'AYETORO'
  AND receipt_no BETWEEN 4412 AND 4495;
```

Ohun tó yẹ kó dá padà ni 84 àti 331650. Bó bá dá 168 padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni síǹkì gbé wọn lọ, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ nínú sọ́fúwià tí kò fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, pàápàá nígbà tí èèyàn bá ń tẹ bọ́tìnnì léraléra. Bó bá kéré sí 84, àwọn kan ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Bí o kò bá láyè sí sáfà, fi nọ́ńbà rìsíìtì méjèèjì ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe sọ́fúwià náà, kí wọ́n bá ọ kà á, kí wọ́n sì yí ọjọ́ 84 yẹn padà sí 11/3/2025, kí wọ́n yí ti 19 tó kù sí 12/3/2025. Sọ fún wọn kí wọ́n tọ́jú ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ síbì kan, kó lè ṣeé wò padà bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè. Má jókòó ti ìwé rìsíìtì kí o máa tún ọjà 84 tẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọwọ́. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀: owó di ìlọ́po méjì, páálí ìńdómì àti àpò ṣúgà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù sì dín lórí ìwé ju ti ilẹ̀ lọ.

Kí o tó kọ lẹ́tà, wá ẹlẹ́rìí kan tí kò gbára lé kọ̀ǹpútà yẹn rárá. Báǹkì ní aago tirẹ̀. Nínú ₦331,650 yẹn, káàṣì jẹ́ ₦143,200, èyí tó kù, ₦188,450, tíráńsífà àti ẹ̀rọ káàdì ni. Kó àlàátì báǹkì tó wọlé láti aago méjì ọ̀sán àná dé ìgbà tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pọ̀ mọ́ ìwé tí ẹ̀rọ káàdì tẹ̀ jáde lálẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ ₦188,450, o ti ní ẹ̀rí pé àná ni wọ́n ta àwọn ọjà yẹn lóòótọ́. Káàṣì inú dúrọ́ọ̀ ni kí wọ́n kà lójú máníjà. Àfi tí iye méjèèjì bá bára mu ni kí o tó jókòó sí ímeèlì.

Ní ti ímeèlì fúnra rẹ̀, wo ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí Alhaja jókòó sí. Ní aago méje, ₦897,450 ló dé orí fóònù wọn. Kò sí ohun kan lára rẹ̀ tó sọ pé kò pé. Wọ́n rí Ayétòrò ní ₦198,400, Ọjà-Ọba ní ₦412,300, Ògo-Olúwa ní ₦286,750. Ẹni tó bá ń ra ọjà láti Ìbàdàn á ti pe oníbàárà rẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, á ti dín ti Ayétòrò kù. Ó sì lè ti fojú kan wo ọmọbìnrin tó ń gbowó níbẹ̀, torí bí ọjà ṣọ́ọ̀bù kan bá já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ ẹni tó wà nídìí owó ni ojú máa ń lọ. Pípẹ́ iye náà kọ́ ló dunni jù. Iye tí kò pé ló dé lásìkò, tó sì ṣe bí ẹni pé ó pé. Nítorí náà, iye tó tọ̀nà ni kó wà lókè pátápátá, kí o fagi lé ti àárọ̀ ní gbangba, kí o sì sọ pé owó kankan ò sọnù àti bí o ṣe mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó dé orí ìdí rẹ̀.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

> Àkọlé: Ọjà àná, Ìṣẹ́gun 11/3/2025: ₦1,229,100. Ẹ má lo iye tó dé láàárọ̀
>
> Alhaja, ẹ kú ọ̀sán mà. Mo bẹ̀bẹ̀ pé iye ọjà àná pẹ́ kó tó pé dé ọ̀dọ̀ yín.
>
> ₦1,229,100 ni gbogbo ọjà tí a tà lánàá. Ọjà-Ọba ₦412,300, Ògo-Olúwa ₦286,750, Ayétòrò ₦530,050. Iye tó dé sórí fóònù yín ní aago méje, ₦897,450, kò pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó. Ohun tó dín nínú rẹ̀ ni ₦331,650, ọjà tí Ayétòrò tà lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán.
>
> Owó kankan ò sọnù mà. A ka rìsíìtì 4412 dé 4495, wọ́n pé 84. Owó tíráńsífà àti káàdì bá àlàátì báǹkì mu, ₦188,450. Káàṣì jẹ́ ₦143,200, máníjà kà á lójú mi. Ẹni tó ń gbowó ò ṣe àṣìṣe kankan, òun gan-an ló tún ọjọ́ ṣe tí ọjà fi lọ.
>
> Ohun tó fà á ni pé bátìrì kékeré tó ń di aago mú nínú kọ̀ǹpútà Ayétòrò ti kú. Nígbà tí iná lọ tí ìnfátà náà sì kú, ọjọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà padà sí 2019. Kọ̀ǹpútà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tọ̀nà ò sì lè bá sáfà ṣiṣẹ́, ni ọjà ìrọ̀lẹ́ bá dúró sínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n lọ láàárọ̀ yìí, wọ́n bọ́ sábẹ́ ọjọ́ tí kò tọ̀nà. Mo ti ní kí àwọn tó ṣe sọ́fúwià dá wọn padà sí àná. Bí ẹ bá wo fóònù yín kí wọ́n tó ṣe é, ₦897,450 náà lẹ ṣì máa rí níbẹ̀.
>
> Ìrọ̀lẹ́ òní ni a máa pààrọ̀ bátìrì náà. Títí dìgbà yẹn, máníjà á máa wo ọjọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó ta ọjà àkọ́kọ́, àti nígbàkígbà tí iná bá lọ tó sì dé.
>
> Bí ẹ bá ti fi iye àárọ̀ ra ọjà fún Ayétòrò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n fi àwọn ọjà tó tà jù níbẹ̀ lánàá ránṣẹ́ sí yín kíákíá.

O rí i pé n kò fi "síǹkì" síbẹ̀, n kò sì fi ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí síbẹ̀. Bí Alhaja bá bèèrè, ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lẹ́nu. N kò sì kọ pé "kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́". Bátìrì máa tún kú lọ́jọ́ kan, ohun mìíràn náà lè dá síǹkì dúró. Ohun tí ẹ máa ṣe, ìgbà tí ẹ máa ṣe é àti ẹni tó máa ṣe é ló wà níbẹ̀. Gbólóhùn tó sọ pé fóònù wọn ṣì máa gbé iye àtijọ́ wá, má yọ ọ́ kúrò. Bí Alhaja bá ka ₦1,229,100 nínú lẹ́tà, tí wọ́n ṣí fóònù tí wọ́n bá ₦897,450, lẹ́tà náà á di irọ́ lójú wọn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe bá sì ti wọlé, tún kọ ìlà kan péré ránṣẹ́ pé iye méjèèjì ti bára mu.

Bí o bá ti pààrọ̀ bátìrì náà, dán an wò. Tún ọjọ́ ṣe, pa kọ̀ǹpútà, yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri fún wákàtí kan, kí o tún tàn án. Bí ọjọ́ bá dúró, ó ti bọ́ sí i. Kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọjà-Ọba àti Ògo-Olúwa náà, torí bí ó bá jẹ́ pé ìgbà kan náà ni wọ́n ra kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ orí bátìrì wọn ò ní jìnnà síra.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o bá àwọn tó ṣe sọ́fúwià sọ, kò lè wà nínú lẹ́tà Alhaja. Lánàá, ọdún mẹ́fà ni aago fi padà sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí síǹkì fi kọ̀ tí ẹ fi mọ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló fi padà sẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí sáfà ṣì lè wà láàárín ọjọ́ rẹ̀, síǹkì á lọ wẹ́rẹ́, ọjà àná á sì wọ inú ọjọ́ mìíràn láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ní kí wọ́n jẹ́ kí sáfà máa kọ ìgbà tí ọjà kọ̀ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù sọ pé òun tà á, kó sì pariwo nígbà tí ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì kan bá ṣáájú ti rìsíìtì tó wà níwájú rẹ̀. Kí ìròyìn aago méje sì máa fi hàn, lábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, aago tí sáfà gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Bí Alhaja bá rí "Ayétòrò ₦198,400, a gbọ́ ọ kẹ́yìn ní 1:58 ọ̀sán" láàárọ̀ òní, wọn ì bá ti pè ọ́ kí wọ́n tó pe Ìbàdàn.